Ọwọ́ Kejì Orí Tówẹ̀lì Funfun

Níkẹ́ kì í kun èékánná ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ rí i lófìfo. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Finglas, àdúgbò kan ní Dublin, láàárín ilé apòògùn kan àti ibi tí wọ́n ti ń din ẹja. Kí oníbàárà tó wá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp: kó nu ọ̀dà kúrò, kó tẹ́ ọwọ́ sórí aṣọ funfun lẹ́bàá fèrèsé, kó má sì tan iná fóònù sí i. Iná máa ń purọ́. Ó lè fi èékánná aláìsàn hàn bíi ti ọmọ tuntun, ó sì lè sọ ọwọ́ alálàáfíà di ti òkú.

Ẹnì kan wà nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tí fọ́tò tirẹ̀ ní ìtumọ̀ míì. Màmá Olúníyì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àìsàn ojú ti gba ìríran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú fi fọ́ pátápátá. Akọ̀wé tó ń fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà ni nígbà èwe rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí òun àti ọkọ rẹ̀, Jeremiah, tó gbé Olúníyì jòjòló wá sí Dublin, lásìkò tí àwọn èèyàn wa ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń retí ìwé ìgbélùú. Ìka ọwọ́ ni iyì rẹ̀. Jeremiah fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bí èékánná rẹ̀ ṣe rí fún un lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ fọ́. Nígbà tí Jeremiah sì kú, Màmá ní kí Níkẹ́ máa bá òun ṣe é. Yóò fi ọwọ́ ọ̀tún di fóònù tó ń gbọ́rọ̀ mú, yóò ní kó ya ọwọ́ òsì ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́, Níkẹ́ yóò sì pè é, yóò ròyìn ọwọ́ náà fún un, ìka kan tẹ̀ lé èkejì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sílé wá gé wọn.

Ní ọdún yìí, Níkẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Oṣù kọkànlá ló padà dé, nígbà tí oòrùn Dublin kì í fẹ́ẹ́ yọ tán kó tó tún wọ̀. Ọjọ́ kejì tó dé ni fọ́tò Màmá wọlé. Ó gbé fóònù létí.

"Ẹ káàsán, Ma. Mo ti dé o."

"Káàbọ̀, Níkẹ́ mi. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín, Ma."

"Mo dúpẹ́. Ó yá, sọ fún mi."

Níkẹ́ fẹ fọ́tò náà lójú. "Ọwọ́ òsì yín ni, Ma. Wọ́n ti gùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ́. Àwọn ìlà tó gùn láti ìdí dé orí èékánná, tó ń ṣe gbúngbùngbún tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ti àgbà ni, kò ní wàhálà. Ìlà búráùn yín ṣì wà lórí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Kò fẹ̀ sí i. Àwa aláwọ̀ dúdú púpọ̀ la ní irú ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìka kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí, tó ń fẹ̀, tí dúdú ẹ̀ sì ń ràn mọ́ awọ ìdí èékánná, màá ní kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀."

"Awọ ìdí wọn ńkọ́?"

"Ó gbẹ, Ma. Ti ìka àárín ti ya díẹ̀ lápá òsì, kò wú, kò ní ọyún. Ẹ má fi eyín já a o, òróró díẹ̀ ti tó o." Ó tún fẹ fọ́tò náà lójú sí i. "Màmá, ẹ ò gbá ọwọ́ mọ́ nǹkan kan?"

"Rárá. Kí lo rí?"

Ohun tó rí ni àwọn ìlà kéékèèké lábẹ́ èékánná mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀ẹ́rún igi tó wọlé sínú ẹran, àwọ̀ wọn pupa rúsúrúsú. Bí èèyàn bá fi ìka gbá ilẹ̀kùn, ọ̀kan lè yọ nítòsí orí èékánná, yóò sì bá èékánná dàgbà jáde. Ṣùgbọ́n wọ̀nyí ju ẹyọ kan lọ, orí ìka mẹ́ta ni wọ́n wà, àwọn kan sì jìnnà sí orí èékánná. Olùkọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún wọn pé bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ láìsí ìdí, tí ẹni náà kò sì gbádùn, kí wọ́n gbé ọ̀dà tì kí wọ́n ní kó lọ rí dókítà.

"Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rò pé ó wà lábẹ́ èékánná yín, Ma. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò lè sọ ohun tó fà á. Ṣé ara yín le?"

"Òtútù Dublin ni. Ara mi ń gbóná lálẹ́, òógùn ń bò mí, ó sì ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ eyín mi ni."

"Ẹ jẹ́ kí dókítà rí i lọ́sẹ̀ yìí, Ma. Ẹ má fi falẹ̀. Èmi náà á pe bọ̀dá Olúníyì. Tó bá sì di ọ̀la, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n fi wọ́n wé ara wọn."

"Màá ṣe bẹ́ẹ̀." Màmá mí kanlẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í gbọ́. "Níkẹ́, nígbà tí o bá ń bọ̀, wàá bá mi gé ti ẹnì kejì náà."

"Ta ni ẹnì kejì, Ma?"

"Ọwọ́ kan wà tó máa ń wá bá mi lórí àga níbí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Á rọra sùn sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó tutù, kò ní agbára, ṣùgbọ́n mo máa ń dì í mú. Èékánná rẹ̀ ti gùn, Níkẹ́. Kò sí ẹni tó ń bá a gé e níbi tó wà."

Níkẹ́ kàn ní, "Ó dàbọ̀, Ma," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ó wọ kóòtù rẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ló pe Olúníyì ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Grange Castle, lápá ibòmíì ní Dublin. Ó sọ ti àwọn ìlà náà àti ti ara gbígbóná, ó sì sọ ti ọwọ́ náà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ ń tì í lójú.

Olúníyì fèsì. "Ó sọ fún èmi náà. Mo rò pé ọ̀fọ̀ Daddy ló ń dà á láàmú. Màá pe dókítà báyìí." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gba àyè fún ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò fún ọ̀túnla.

Ní ọjọ́ kejì, òjò wínníwínní ń rọ̀. Níkẹ́ àti Tẹ́ní, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Dublin ni wọ́n bí Tẹ́ní sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ló fi ń dáhùn. Àwọn mọ́tò ti ń tan iná nígbà tí fóònù Níkẹ́ dún.

Fọ́tò Màmá ni. Ọwọ́ méjì ló wà lórí tówẹ̀lì funfun, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ọwọ́ ẹlẹ́ran ara ni ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ dúdú gẹ́gẹ́ bí ti Màmá, abẹ́ èékánná rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọwọ́ kejì ti di àwọ̀ eérú. Awọ rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ ní àfọ̀jù. Àwọn ìka rẹ̀ ká díẹ̀ sókè, èékánná rẹ̀ sì dà bíi pé ẹnì kan rẹ wọ́n sínú omi aró.

Tẹ́ní na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn, ó béèrè ta ni òkú tó wà lọ́dọ̀ ìyá náà. "Jaysus, Níkẹ́. Who's that with your one? Is he dead?"

Níkẹ́ pe Màmá, ó sì gbé ohùn rẹ̀ jáde kí Tẹ́ní lè gbọ́.

"Màmá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ta ló ya fọ́tò yìí nígbà tí ọwọ́ méjèèjì wà nílẹ̀?"

"Fóònù ni. Mo gbé e sórí irin agbéfóònù tí Olúníyì rà, mo ní kó yà á, ó yà á." Màmá ń mí kíákíá. "Ọwọ́ mélòó lo rí?"

"Méjì, Ma."

"Háà." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín, bíi pé ó ń sunkún. "O rí i. Nítorí èmi ò rí ọwọ́ òsì tèmi gbé sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo mọ̀ pé mo gbé sílẹ̀. Ó ti wá lónìí, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Kò sì fẹ́ lọ mọ́."

Tẹ́ní ti sún mọ́ ògiri. Níkẹ́ náà ìbá fẹ́ pa fóònù náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ọwọ́, ojú rẹ̀ sì ti ń wò ó kó tó dá a dúró. Ó fẹ ọwọ́ eérú náà lójú, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Ìlà búráùn kan. Ìka ìfábẹ̀lá, ìlà búráùn kan. Ìka àárín, ìlà búráùn, àti awọ ìdí èékánná tó ya díẹ̀ lápá òsì. Lábẹ́ èékánná wọn, àwọn ìlà tó dà bí ẹ̀ẹ́rún igi ti pọ̀ ju ti àná lọ.

"Màmá," ó ní, "ọwọ́ yín ni. Ọwọ́ òsì yín ni. Ẹ má dìde. Mò ń bọ̀ báyìí."

Ó kọjú sí Tẹ́ní. "Pe 999, kí wọ́n gbé ọkọ̀ aláìsàn wá. Sọ fún wọn pé ọwọ́ ìyá àgbàlagbà kan ti tutù, ó ti yí àwọ̀ padà, kò mọ nǹkan lára mọ́, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ọwọ́ kan ṣoṣo o, rí i pé o sọ bẹ́ẹ̀." Ó kọ àdírẹ́sì lé e lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé bí òtútù lásán bá mú èèyàn, ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú. Bí ọ̀kan bá wà láàyè tí èkejì sì kú, ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀.

Ilé Màmá kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Níkẹ́ sáré nínú òjò. Kọ́kọ́rọ́ ìta wà nínú àpótí kékeré onínọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí àwọn tó máa ń wá tọ́jú Màmá nílé ń lò, ó sì mọ nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tó wọlé, òkùnkùn ló bá. Kí ni afọ́jú fẹ́ fi iná ṣe? Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù lójú fèrèsé bọ́ sórí tówẹ̀lì funfun náà, àwọn ọwọ́ méjèèjì sì ṣì wà níbẹ̀. Ti ọ̀tún di ti òsì mú. Màmá jókòó bí ọmọge tó ń bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀.

"Rọra o, Níkẹ́," ó ní. "Má jẹ́ kó sá."

Níkẹ́ tan iná. Ó kúnlẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ìka eérú náà. Ó tutù bí ẹran inú fíríìjì. Ó tẹ orí èékánná ìka àárín títí tó fi funfun, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Lára alálàáfíà, kí èèyàn tó pajú pẹ́, àwọ̀ á ti padà. Níkẹ́ pajú, ó tún pajú. Funfun náà kò kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀tún, àwọ̀ sì padà lójú ẹsẹ̀.

"Mo ti pe ọkọ̀ aláìsàn, Ma. Wọ́n ń bọ̀."

Màmá fa ọwọ́ òkú náà mọ́ àyà. "Ta ní kí o pè wọ́n? Wọ́n á mú un lọ! Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n mú un lọ nínú ilé yìí, wọn ò dá a padà fún mi!"

"Màmá, ẹ gbọ́ mi."

"Jeremiah ni. Mo mọ ọwọ́ ọkọ mi. Bó ṣe tutù nìyẹn lọ́jọ́ tí mo dì í mú kẹ́yìn."

Níkẹ́ kò bá a jiyàn. Ó rọra gba ọwọ́ ọ̀tún Màmá, ó sì gbé e lé èjìká òsì rẹ̀. "Níbo nìyí, Ma?"

"Èjìká mi."

"Ṣé ó gbóná?"

"Ó gbóná."

Ó fa ọwọ́ náà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí apá, kò jẹ́ kó gbé sókè. "Ibí yìí ńkọ́?"

"Ìgúnpá mi."

"Ẹ máa bọ̀, Ma. Ẹ má fo ibì kankan."

Àwọn ìka ọ̀tún ń rìn lọ lórí awọ. Lábẹ́ ìgúnpá, wọ́n fà sẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Níkẹ́ tún gbé wọn padà. Wọ́n dé ọrùn ọwọ́, wọ́n dé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n dé orí èékánná gígùn. Kò sí ibi tí ara kan ti parí tí ara míì ti bẹ̀rẹ̀. Màmá padà sí èjìká fúnra rẹ̀, ó sì tún bọ̀ wálẹ̀.

"Èmi ni?" ó béèrè nígbẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ni, Ma."

"Èmi nìkan ni mo wà níbí?"

Níkẹ́ ti ń bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ jókòó rí, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ẹkún tó dà bí èyí tó bú jáde lẹ́nu ìyá náà. Ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń túfọ̀ Jeremiah ni. Ó ṣì dì í mú nígbà tí iná búlúù ọkọ̀ aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lára ògiri. Ó fi àwọn fọ́tò méjèèjì han obìnrin tó wọlé pẹ̀lú àpò ìtọ́jú, ó sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ti wà lábẹ́ èékánná láti àná, pé wọ́n yọ eyín rẹ̀ láìpẹ́, pé ara rẹ̀ ń gbóná. Obìnrin náà wò ó, ó wá ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ òsì, kò rí i. Kò tún ṣe ìbéèrè mọ́. Ó ní, "Right, we're going now," wọ́n sì gbé Màmá jáde lójú ẹsẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni wọ́n gbé Màmá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú apá rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, dókítà ọkàn jókòó ti Olúníyì àti Níkẹ́, ó sì ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń tì nínú ọkàn Màmá ti ní àbùkù láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Kòkòrò àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bóyá láti ibi eyín náà, ó lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ó ń hù níbẹ̀. Èérún rẹ̀ ń já, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e kiri. Àwọn kéékèèké ló ń hàn bí ìlà lábẹ́ èékánná. Àwọn tó tóbi díẹ̀ á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ apá, ọ̀nà náà á sì tún ṣí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọwọ́ náà ń kú ó sì ń jí. Ti ọjọ́ náà ló tóbi jù, òun ni kò lọ mọ́. Ibà tó ń ṣe Màmá lálẹ́ ló sì ń da ọpọlọ rẹ̀ láàmú, tí kò fi mọ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kì í ṣe gbogbo ìlà abẹ́ èékánná ló ń túmọ̀ sí èyí," dókítà náà ní. "Èyí tó pọ̀ jù kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ibà, àárẹ̀ àti ìlà bá pàdé lára ẹnì kan, a gbọ́dọ̀ wá ìdí ẹ̀ kíá."

Olúníyì bo ojú rẹ̀ mọ́ ọwọ́. "Ó sọ fún mi pé ọwọ́ kan ń wá bá òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni Màmá lò nílé ìwòsàn tí wọ́n ń fa oògùn apakòkòrò sí i lára. Ọwọ́ náà jí, ó sì fi ìrora ńlá jí. Ṣóńṣó ọmọńdinrín rẹ̀ nìkan ni kò là á. Ó dúdú, ó gbẹ, àwọn dókítà sì gé e. Ìyá náà fara da gbogbo rẹ̀ láìráhùn. Ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ọwọ́ òsì náà mú, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún tuntun dé nígbà tí Níkẹ́ gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá a nílé. Tíì wà lórí tábìlì, Olúníyì ń fọ abọ́ nínú kíṣìnì. Màmá na ọwọ́ òsì síta fúnra rẹ̀.

"Sọ bó ṣe rí," ó ní.

"Ó ti padà sí àwọ̀ yín, Ma. Abẹ́ èékánná pọ́n dáadáa. Awọ ìdí wọn ti jinná. Ìlà kan wà tó gba ìbú kọjá lórí èékánná, bíi kòtò tín-ín-rín. Bí àìsàn ńlá bá dá èékánná dúró díẹ̀, ó máa ń fi irú àpá yẹn sílẹ̀. Á dàgbà jáde."

"Àwọn tó dà bí ẹ̀ẹ́rún igi ńkọ́?"

"Èékánná ti ń tì wọ́n lọ síwájú, Ma. Kò sí tuntun. Ti àtàǹpàkò ṣì wà láàárín. Ti ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí."

"Ṣé wọ́n á bá èyí tí o fẹ́ gé yìí lọ?"

"Díẹ̀ nínú wọn á lọ, Ma."

Omi ń ṣàn nínú kíṣìnì, ó dá. Níta, ilẹ̀ ti ṣú tán.

"Gé e," ó ní.

Níkẹ́ gé e, ìka kan tẹ̀ lé èkejì, ó fi fáìlì, ayùn kékeré ìdán èékánná, dán etí wọn kí wọ́n má ya aṣọ. Nígbà tó fẹ́ da èyí tó gé náà sínú báàgì ìdọ̀tí rẹ̀, Màmá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kó o fún mi."

Níkẹ́ wo Olúníyì tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Níkẹ́ kó àwọn èérún èékánná náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà, Màmá sì pa ọwọ́ dé, ó rọra dì wọ́n mú.

"Ó pẹ́ tí wọ́n ti gùn," ó ní. "Ara Jeremiah á fúyẹ́ báyìí."